Bí a ṣe ń ké sí oníbàárà lórí fláyà láì fà á láṣọ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Gàárì Ìjẹ̀bú ni mo ń yan tí mo sì ń dì sínú ọ̀rá ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo fẹ́ tẹ fláyà tí a ó pín ní Ojúde Ọba, mo sì kọ ọ́ sí i pé 'RÀ Á NÍSINSÌNYÍ! MÁ JẸ́ KÍ Ó TÁN!' Àbúrò mi ní ó dà bí ẹni tí ń pàṣẹ fún àgbà. Kí ni mo lè kọ tí ènìyàn yóò fi ṣe nǹkan kan, tí kò sì ní dà bíi pé mo ń fi agbára tà á? Bọ́tìnì tó wà lójú ìwé mi lórí fóònù ńkọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, a sì lè fi ọwọ́ kan ibi tí òótọ́ náà wà. "Rà á" kò ní "ẹ" níwájú. Láàrin wa, ẹni tó juni lọ tàbí ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà ló lè la ẹnu sọ pé "rà á", "wá", "gbà á". Fláyà kò mọ ẹni tí yóò gbà á. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ bàbá ẹni ọdún 75 tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè. Kò sí ọ̀dọ́ tí inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ nítorí pé a pè é ní "ẹ", ṣùgbọ́n àgbà tí a bá sọ̀rọ̀ sí bí ọmọdé yóò ká ìwé náà mọ́wọ́, yóò sì jù ú sílẹ̀ ní ibi tí ó bá gbé dé. Nítorí náà, "ẹ" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé "ẹ" nìkan ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà sí "Ẹ rà á nísinsìnyí!", ọ̀rọ̀ náà ti ní ọ̀wọ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń ti ènìyàn lẹ́yìn. Ohun tí ń fa ìyẹn ni pé ẹ ń béèrè ohun tí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ṣe ohun tí ó kọ́kọ́.

Ẹ lọ dúró fún wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onígàárì ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sì tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn oníṣòwò, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù kọ́. Oníbàárà ń kọjá lọ, ìyá onígàárì kò sọ pé "rà á". Ó kọ́kọ́ kí i, ó sì sọ ohun tó wà nílẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o, gàárì tó kan dáadáa rè é." Oníbàárà dẹ ẹsẹ̀. Ìyá náà bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò." Oníbàárà jù ú sẹ́nu, ó rún un, ó gbọ́ bí ó ṣe ń ró lábẹ́ eyín, ó sì mọ̀ pé ó gbẹ, kíkan rẹ̀ fà á létè díẹ̀, ó mọ̀ pé wọn kò kánjú yan án. Ìgbà yìí ni òun fúnra rẹ̀ béèrè pé, "Èló ni kóńgò?" Wọ́n ná an síwá sẹ́yìn díẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá náà tó sọ pé, "Mélòó ni kí n wọ̀n fún yín?"

Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Kò sí ìgbà kan tó sọ ohun tí oníbàárà kò tíì ṣe tán láti ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rírà dé, ìbéèrè lórí iye ni ó fi ṣe, kò pa á láṣẹ. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí kì í ní irú sùúrù yìí, àwọn tí wọ́n máa ń na ọwọ́ sí ènìyàn lójú ọ̀nà ọjà, tí wọ́n ń fà á láṣọ wọ inú ìsọ̀. Àwọn kan máa ń tà lọ́nà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fà láṣọ lónìí yóò gba òdìkejì títì kọjá lọ́la. Orí fláyà, tí kò sí ojú ẹni tí a fi ń mọ̀ bí inú oníbàárà ṣe rí, "RÀ Á NÍSINSÌNYÍ" ni aṣọ fífà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a gbọ́dọ̀ dáhùn kí a tó mú kálámù ni pé: ẹni tí yóò gba fláyà yìí, níbi tí ó dúró sí, kí ni ohun kékeré tó kàn tí ó lè ṣe?

Ojúde Ọba ni ẹ fẹ́ pín in. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń bọ̀: ó wọ agbádá tàbí ó wé gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, ó wà láàrin àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dá aṣọ, ìlù ń dún, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan di abẹ̀bẹ̀ mú, èkejì di fóònù mú nítorí àwòrán. Kò sí ọ̀nà tí ẹni yìí yóò gbà gbé gàárì kóńgò mẹ́wàá rìn lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá sọ fún un pé "rà á nísinsìnyí", ohun tí kò lè ṣe ni ẹ sọ. Ohun tí ó lè ṣe kò ju méjì lọ: ó lè tọ́ gàárì wò bí àgọ́ yín bá wà nítòsí, ó sì lè fi fóònù tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ya kóòdù kíú-áà, àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà, lórí fláyà kí ó lè rí yín bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá délé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò padà sí Èkó tàbí sí òkè òkun. Àwọn gan-an ni wọn yóò fẹ́ gàárì ilé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún un kọ báyìí, kí n sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àkọlé òkè: "Gàárì Ìjẹ̀bú láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ 5 ló fi ń kan kí ó tó dé inú agbada." Èyí kì í ṣe gbólóhùn ìpè, tí ń ní kí ènìyàn ṣe nǹkan, rárá; òun ni "gàárì tó kan dáadáa rè é" tí ìyá Òkè-Ajé sọ. Bí iye ọjọ́ tí ẹ̀yin fi ń fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kí ó kan kò bá tó 5, iye tó jẹ́ òtítọ́ ni kí ẹ kọ. Lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ tọ́ ọ wò lábẹ́ àgọ́ wa." Lẹ́yìn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù: "Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ya àmì yìí, ẹ ó rí iye rẹ̀ àti bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́."

Ẹ kíyè sí "bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn". Ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn fi ìdájọ́ sí ọwọ́ òǹkàwé, wọn kò sì mú kí ìpè náà rọ, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó lágbára, "ẹ ya", tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tí yóò rí gbà sì tẹ̀ lé ìyẹn náà. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà sí òdìkejì. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé kí wọ́n má ṣe le mọ́ oníbàárà, wọn a kọ ọ́ pé "Ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ lè gbìyànjú láti kàn sí wa nígbàkígbà tí ó bá rọrùn fún yín." Gbólóhùn yìí kò ti ẹnikẹ́ni, kò sì pe ẹnikẹ́ni. "Ẹ jọ̀wọ́" ń sọ ọjà di ẹ̀bẹ̀, ẹni tí a bá sì ń bẹ̀ mọ̀ pé òun lè kọ̀ láìsí ohun tí yóò pàdánù. "Nígbàkígbà" ń sọ fún un pé kò sí ìdí láti ṣe é lónìí. Ní tèmi, "ẹ jọ̀wọ́" wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ kí oníbàárà ṣe ohun tí yóò rọ àwa lọ́rùn, bíi "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín kún un". Bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò jàǹfààní, ẹ kò nílò ẹ̀bẹ̀.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn atẹ̀wé ṣe máa ń rò lọ. Ẹ sọ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ pé kí ó má yọ àmì kankan kúrò. "Ẹ tọ́ ọ wò" ń sọ̀rọ̀ adùn; bí àmì ohùn bá yí padà tí "tọ́" di "tọ̀", ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, fláyà yín yóò sì di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn fún ẹ̀rín. Àwọn irú lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà kì í lè gbé àmì ohùn lórí "ẹ" àti "ọ" dáadáa, àmì náà a máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Ẹ wo ìwé àkọ́tẹ̀ fúnra yín, ẹ má sì fi mọ sí ojú fóònù. Ẹ yẹra fún lẹ́tà ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àmì ìyanu lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹni tó ń kà á, ariwo nìyẹn.

"Má jẹ́ kí ó tán" ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ni ó léwu jù nínú ohun tí ẹ kọ. Gàárì yín kì í tán. Ẹ ó yan òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oníbàárà Ìjẹ̀bú mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyá tirẹ̀ náà yan gàárì rí. Ìgbà tí ó bá ti mú irọ́ kan nínú fláyà, kò ní gba ọjọ́ 5 náà gbọ́ mọ́. Ó tún ní ọwọ́ òfin nínú: òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 lòdì sí kí a fi ọ̀rọ̀ èké tàbí ọ̀rọ̀ ìtànjẹ polówó ọjà.

Ṣùgbọ́n gbèdéke tòótọ́ wà nínú iṣẹ́ yín, ẹ kò kàn rántí lò ó ni. Gàárì kì í ṣe ohun tí a ń sáré ṣe. Bí ẹ bá lọ ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ Ajé, tí ẹ dì í sápò, tí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e kí omi rẹ̀ máa jò nù, tí ó sì fi ọjọ́ 5 kan, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ tó lè sẹ́ ẹ kí ẹ sì yan án, yóò sì tutù pátápátá kí ó tó wọ ọ̀rá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru rẹ̀ yóò rin inú ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ gàárì lọ́jọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ ti sọ iye tí ó fẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ẹ wá lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ fi iye tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nítorí àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a ó lọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀." Gbólóhùn yìí mú ènìyàn yára ju "nísinsìnyí" lọ, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ ti òun, nítorí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé gbèdéke kalẹ̀. Kìkì pé ẹ má ṣe so gbèdéke mọ́ Iléyá lórí ìwé títẹ̀, bíi "kí ó tó di ọjọ́ kejì Iléyá", torí pé oṣù lè lé ní ọjọ́ kan sí ti ìrètí, ìwé yín á sì ti jáde. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ oṣù gan-an ni kí ẹ kọ. Bí kò bá sì sí gbèdéke tòótọ́ kankan, ẹ má kọ ọ̀kankan.

Ó ku bọ́tìnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé ọ̀rọ̀ orí fláyà lọ sórí bọ́tìnì bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ẹnu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń jáde. Lórí fláyà, ẹ̀yin lẹ ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí "ẹ" fi tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì ló ń sọ̀rọ̀ padà fún yín. Títẹ̀ yẹn ni ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹnu rẹ̀ lè sọ ni kí ẹ kọ síbẹ̀: "Mo fẹ́ mọ iye rẹ̀." "Fi bí ẹ ṣe ń fi í ránṣẹ́ hàn" kò jọ ohun tí oníbàárà lè sọ, ṣùgbọ́n "Ṣé ó lè dé Èkó?" jọ ọ́. Mo máa ń dán an wò báyìí: mo máa ń fi ohùn sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì náà bí ẹni pé èmi ni oníbàárà tó dúró níwájú ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá lè fi ẹnu ara mi sọ níwájú ìyá onígàárì kò yẹ lórí bọ́tìnì. Kò sí ẹni tí ń dé ìsọ̀ tí ó ń sọ pé "Rà nísinsìnyí!" Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tí ń sọ pé "Tẹ ibí". Èyí kejì tún ní àléébù mìíràn: àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa máa ń lo fóònù tí ń ka ojú ìwé sí wọn létí, ó sì lè ka àwọn bọ́tìnì nìkan tẹ̀ léra. "Tẹ ibí, tẹ ibí, tẹ ibí" kò sọ ohunkóhun fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí ó kúrú, bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, kí bọ́tìnì lè tóbi tó fún àtàǹpàkò. Android dábàá pé kí ohun títẹ̀ má kéré ju nǹkan bíi mìlímítà 9 lọ níbùú lóròó. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kékeré, ẹ fi gbólóhùn kan sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: "Wọ́sáàpù ni yóò ṣí. Ẹ kò tíì san owó kankan." Mo gbà pé gbólóhùn yìí ń ṣiṣẹ́ ju bọ́tìnì fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ ọwọ́ dúró lókè bọ́tìnì ni ìbẹ̀rù pé nǹkan tí òun kò fẹ́ lè ṣẹlẹ̀ bí òun bá tẹ̀ ẹ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa ń kọ̀ kí ọ̀rọ̀ rọ̀, ìyẹn ni ibi tí owó yóò ti kúrò lápò oníbàárà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ "Mo fẹ́ san owó" gbangba, kí iye rẹ̀ sì wà lókè bọ́tìnì náà. Bí ẹ bá kọ "Tẹ̀ síwájú" sí bọ́tìnì tó ń gba owó, ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìtànjẹ ni, inú tó bí oníbàárà lọ́jọ́ yẹn kò sì ní rọ̀ bọ̀rọ̀. Bákan náà, bí bọ́tìnì kejì bá wà fún ẹni tí kò fẹ́, ẹ má ṣe kọ irú "Rárá, mi ò mọ gàárì gidi" síbẹ̀, èyí tí àwọn kan ń kọ láti fi dójú ti ènìyàn. "Ó di ìgbà mìíràn" ni àwa ń wí bí a bá fẹ́ kọ ọjà láìbínú ọlọ́jà, ó sì tó.

Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé Fesibúùkù ni ẹ ń lò, ẹ kò lè fúnra yín kọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì. Inú àwọn èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni ẹ ó ti yàn. Nínú "Shop now", "Learn more" àti "Send message", èyí tó kẹ́yìn ni mo máa yàn fún yín, torí òun ló sún mọ́ ìbéèrè iye owó jù. Kí ẹ wá fi Yorùbá kọ "Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ wa" sí ìsàlẹ̀ àwòrán tó wà lókè rẹ̀.

Ti Wọ́sáàpù rọrùn. Ìlà yìí ni a ń fi sẹ́yìn bọ́tìnì, òun náà sì ni kóòdù kíú-áà orí fláyà yóò gbé:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20f%E1%BA%B9%CC%81%20m%E1%BB%8D%20iye%20r%E1%BA%B9%CC%80
```

Nọ́ńbà yín ni kí ẹ fi rọ́pò àwọn X, láìfi òdo tó wà níwájú kún un, láìsì fi àmì ìròpọ̀ síwájú 234. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, Wọ́sáàpù yóò ṣí, "Mo fẹ́ mọ iye rẹ̀" yóò ti wà nínú àpótí ìkọ̀wé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tó lọ láìjẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ rí bí "ẹ́" kan ṣoṣo ṣe di lẹ́tà 15 nínú ìlà yẹn. Bí ìlà bá ṣe gùn tó ni àwọn ojú kóòdù kíú-áà ṣe ń kún tó, tí fóònù fi ń pẹ́ kí ó tó kà á, nítorí náà ọ̀rọ̀ kúkúrú ló yẹ níbẹ̀. Lórí fláyà tí a ń mú lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí kóòdù náà kéré ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, 2.5 ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣe. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé e sára bánà àgọ́ tí ènìyàn yóò dúró sí mítà 2 sí, ìdá mẹ́wàá ibi tí ó dúró sí ni kí ó jẹ́, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 20.

Ẹ ó tún lè fi ìlà yẹn mọ gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ tẹ fláyà irú méjì, kí ohun gbogbo bá ara mu àyàfi gbólóhùn ìpè, kí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan jẹ́ "Mo fẹ́ mọ iye rẹ̀", kí ti èkejì jẹ́ "Ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi". Ẹ dà wọ́n pọ̀ ní ọ̀kan-ò-jọ̀kan kí ẹ tó pín in, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀kan lọ sí iwájú ààfin, èkejì sì lọ sí ibùdókọ̀. Ká ní ẹ pín 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí 9 bá dáhùn níbì kan tí 7 sì dáhùn níbòmíràn, ẹ má fi ṣe nǹkan kan, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wá láìsí ìdí. Bí ó bá jẹ́ 30 sí 8, ẹ lè gbà pé gbólóhùn náà ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé òpin: mélòó nínú àwọn tó béèrè ló rà? Bí ọ̀pọ̀ bá béèrè, tí wọ́n sì dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ iye, iye owó tàbí owó ọkọ̀ ló lé wọn, kò sí gbólóhùn tí mo lè kọ tí yóò wo ìyẹn sàn. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ iye ọ̀rá kékeré sórí fláyà gan-an, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó má wulẹ̀ béèrè. Bí àwọn tó ń kọ̀wé bá sì ń béèrè pé "Ta nìyí?" tàbí "Kí lẹ ń tà?", a jẹ́ pé àkọlé òkè kò sọ ohun tó wà nílẹ̀ tó.

Kí ẹ tó san owó títẹ fláyà 500, ẹ ní kí atẹ̀wé yọ 20 fún yín. Ẹ fún àgbà mélòó kan ní àdúgbò yín, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, ẹ kàn dúró kí ẹ wo ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá yí ẹ̀yìn ìwé wò ń wá nǹkan tí kò rí níwájú. Ẹni tó bá gbé e sún mọ́ ojú ń sọ pé lẹ́tà yín kéré. Ẹni tó bá sì bi yín pé, "Níbo ni àgọ́ yín wà?", ẹ padà sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí ó fi ibi tí àgọ́ wà kún "Ẹ tọ́ ọ wò".